Súwẹ́tà Mẹ́wàá Nínú Omi Gbígbóná

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín pé èmi kì í ṣe onísùúrù. Mo máa ń jà nínú ọkọ̀, mo máa ń jà níwájú ilé ìwòsàn, mo sì ti bá oníbúrẹ́dì kan fa ọ̀rọ̀ rí títí ó fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ mi lójú. Ibì kan ṣoṣo tí ara mi ti máa ń balẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ báàfù tí wúlù bá wà nínú rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ lè bú mi, mi ò ní dá yín lóhùn. Ẹni tó bá ń bínú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wúlù tó ti rin.

Àbúrò mi ló ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, èmi ni mo mú un lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lónìí òun ni ọ̀gá mi. Láràárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Kí orúnkún rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ tán, á ti máa sọ iṣẹ́ tí mo máa ṣe fún mi. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ mi kì í jẹ́ kó rí i.

Yàrá mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ náà. Ti iwájú ni ẹ̀rọ ìhunṣọ méjì wà, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Onígíláàsì ló sì ń lò wọ́n, torí gíláàsì ojú rẹ̀ ki bí ìdí ife. Yàrá àárín ni tábìlì gígùn wà, níbi tí àbúrò mi ti ń wọn aṣọ tó sì ń rán apá mọ́ ara. Ti ẹ̀yìn ni tèmi. Báàfù ńlá kan, ẹ̀rọ omi méjì lára ògiri, ọ̀kan fún omi tútù, ọ̀kan fún omi gbígbóná, àti àwọn férémù onípákó tí a na àwọ̀n sí, tí mo ń tẹ́ aṣọ lé kó lè gbẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà níbẹ̀. Gbogbo aṣọ tó bá ti ibẹ̀ jáde, ọwọ́ mi ni wọ́n gbà kọjá.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, àbúrò mi rí ẹ̀rọ ìfọṣọ kan níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ó ní ó ní bọ́tìnì tí wọ́n ya òwú roboto sí, pé wúlù ni bọ́tìnì yẹn wà fún. Ó ti ní kí wọ́n gbé e wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọwọ́ yín ń là, ẹ̀yìn ń dùn yín. Ẹ ó lè sinmi." Mo mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ mi méjèèjì ń gbé lọ́nà jíjìn, ọkọ mi ti lọ sọ́run láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ilé mi dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ ìró aago ògiri láti ilé ìdáná. Tí wọ́n bá gba yàrá ẹ̀yìn yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún ń jí fún láàárọ̀? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo kàn ní kó lọ yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò dáadáa, kó má lọ ra pákó tí wọ́n kùn lọ́dà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la parí súwẹ́tà mẹ́wàá fún àwọn tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé èrò sọdá omi. Wọ́n máa ń wà lórí omi kí ilẹ̀ tó mọ́, atẹ́gùn ibẹ̀ sì máa ń wọ egungun. Wúlù ni wọ́n ní àwọn fẹ́, torí pé wúlù tó rin ṣì máa ń móoru lára ju aṣọ mìíràn lọ. Ọ̀gá wọn mú ìwọ̀n ọkùnrin kọ̀ọ̀kan wá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa wá kó o, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ wọn lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa, kí epo ẹ̀rọ àti eruku jáde lára wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà mi, èyí tó nípọn, torí ọwọ́ mi ń là lóòótọ́, ọmọ náà kò parọ́. Mo ṣí ẹ̀rọ omi tó wà lápá òsì, mo jẹ́ kí báàfù kún tó, mo ti í pa. Mo po ọṣẹ pẹ̀lẹ́ sínú rẹ̀ títí ó fi yọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ́ súwẹ́tà sínú omi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi kì í ki aṣọ sábẹ́ omi tó ń dà, nítorí omi tó ń dà lu wúlù ń gbọ̀n ọ́n. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ títí omi fi bò wọ́n, mo sì kúrò níbẹ̀. Mi ò rà wọ́n, mi ò yí wọn po. Mo lọ mu tíì.

Ohun tí mo gbàgbé nìyí: tẹ́lẹ̀, kí n tó fi aṣọ sómi, mo máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ mi tọ́ omi wò. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ṣe é. Ọdún mọ́kànlá ni omi tútù ti ń jáde lápá òsì, kí ni mo fẹ́ tọ́ wò? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, ẹnì kan wá tún páìpù ṣe nítorí pé omi ń jò. Ọlọ́run ló mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, ó so tòsì mọ́ tọ̀tún.

Nígbà tí mo padà dé, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo ki ọwọ́ bọ omi kí n lè gbé aṣọ àkọ́kọ́. Omi náà gbóná ju èyí tí èèyàn fi ń wẹ ọmọ lọ. Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi wà nínú omi, n kò lè gbé e kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó bà mí lẹ́rù. Irun àgùntàn ni wúlù, kò dà bí òwú tí wọ́n ń ká lóko. Ẹyọ irun kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ́ lára. Ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ wọ́n tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, gbogbo wọn sì kọjú síbi ṣóńṣó irun. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ra ẹja rí mọ̀ ọ́n: láti orí lọ sí ìrù, ọwọ́ á máa yọ̀, láti ìrù padà sí orí, á há. Tí omi bá gbóná, tí ọṣẹ sì wà nínú rẹ̀, irun yẹn á wú, á rọ̀, ìpẹ́ á dìde. Tí ẹ bá wá ń rà á, tí ẹ ń fún un, tàbí tí ẹ̀rọ ń yí i, irun kọ̀ọ̀kan á máa rìn lọ síhà ìdí rẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni ìpẹ́ gbà á láyè láti lọ. Kò lè padà. Bó ṣe ń rìn ló ń wọ àárín àwọn tó kù, tí ìpẹ́ ń kọ́ ìpẹ́. Aṣọ á súnkì, á ki, ojú híhun á dí, á le bí ìsàlẹ̀ bàtà. Tó bá ti débẹ̀, kò sí ẹni tó lè tú u láyé.

Mi ò da omi tútù lé wọn, mi ò sì já wọn jáde. Ohun tó kù fún mi láti ṣe ni pé kí n má gbọ̀n wọ́n. Mo jẹ́ kí omi náà tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn láti ìsàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣan wọ́n nínú omi tí ooru rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba, mo ká wọn sínú táwẹ̀lì, mo tẹ táwẹ̀lì náà kó lè fa omi, mo sì tẹ́ wọn sórí àwọ̀n. Mo wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Wúlù tó rin máa ń wú, n kò lè mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, èmi tí mo máa ń pariwo lé gbogbo èèyàn lórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti gbẹ. Àbúrò mi kó wọn lọ sórí tábìlì, ó gbé téèpù rẹ̀ sọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Mo ń gbálẹ̀ yàrá ẹ̀yìn tí mo ti gbá lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ tó dákẹ́. Àbúrò mi kì í dákẹ́ tó bá ń wọn aṣọ, ṣe ló máa ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá ná."

Mo lọ.

"Apá èyí fi ìka mẹ́ta kúrú. Ara rẹ̀ fi ìka mẹ́rin kúrú." Ó gbé òmíràn. "Èyí náà. Gbogbo wọn ni. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo rò pé kí n purọ́, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Àmọ́ mi ò mọ irọ́ pa fún ọmọ tí mo pọ̀n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀rọ omi dé orí tíì.

Mo ti múra pé á pariwo. Ká ní ó pariwo ni, èmi náà ì bá pariwo, ì bá sì tán níbẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn fa àga, ó jókòó, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Kì í ṣe ẹjọ́ yín," ó ní. "Èmi ló yẹ kí n ti dá yín dúró tipẹ́. Ẹ lọ sinmi nílé. Mi ò bínú, ẹ gbọ́? Ẹ máa lọ sílé lónìí. N ó wá wò yín lálẹ́."

"Lónìí ṣá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rọ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ti ju agbára yín lọ."

Inú bí mi, ojú tì mí, àwọn méjèèjì dà pọ̀ nínú mi tí mi ò mọ èwo ni mo fẹ́ sunkún sí. Onígíláàsì ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo padà sí yàrá ẹ̀yìn, mo mú báàgì mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa lọ láìwo iṣẹ́ tí mo bàjẹ́? Mo fi báàgì sílẹ̀, mo padà sídìí tábìlì, mo gbé súwẹ́tà kan.

Mo fi ọwọ́ pa á. Ó rọ̀. Mo gbé e lọ síbi fèrèsé, mo nà á díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú rẹ̀ wọlé. Mò ń rí ojú híhun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n má tíì fọkàn balẹ̀, torí ẹni tó bá ń wá ìtùnú á rí i níbi tí kò sí. Mo gba téèpù lọ́rùn àbúrò mi láìtọrọ àyè, mo wọn àyà súwẹ́tà náà.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

"Mélòó lo kọ sílẹ̀ fún àyà èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká…"

"Mo ní mélòó!"

Ó wo ìwé rẹ̀, ó pe nọ́mbà náà. Mo fi ìka méjì hàn án lórí téèpù. Àyà súwẹ́tà náà fẹ̀ ju bó ṣe kọ ọ́ lọ. Ó fi ìka méjì fẹ̀ sí i.

"Wúlù tó bá súnkì," mo ní, "ṣé o ti rí èyí tó súnkì tó tún ń fẹ̀? Gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń súnkì. Á kúrú, á há, á ki. Èyí kúrú, ó sì fẹ̀. Wọn àwọn tó kù."

A wọ̀n wọ́n. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Onígíláàsì ti dìde wá dúró sẹ́yìn wa.

Àbúrò mi kò tíì gbà. "Àmọ́ omi gbígbóná ni. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé omi gbígbóná ni."

Mo lọ mú àpẹẹrẹ kékeré kan. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, Onígíláàsì máa ń hun ègé aṣọ tó tó àtẹ́lẹwọ́, ká lè mọ bí òwú ṣe rí. Òwú àwọn awakọ̀ náà ni wọ́n fi hun ègé yẹn. Mo bu omi gbígbóná sínú abọ́, mo fi ọṣẹ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Mo fi gbogbo ìbínú mi rà á. Mo rà á fún ẹni tó tún páìpù ṣe, mo rà á fún ẹ̀rọ oníbọ́tìnì, mo rà á fún ara mi. Nígbà tí ọwọ́ mi fi máa rẹ̀, ègé náà ti kéré sí ìdajì, ó ti nípọn, a kò sì rí ojú híhun kankan mọ́ lára rẹ̀. Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo gé e láàárín.

"Fa òwú kan yọ níbi tí mo gé."

Àbúrò mi fi èékánná wá okùn tó lè fà. Kò rí. Etí ibẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí wọ́n gé bébà.

"Wúlù tó bàjẹ́ nìyẹn," mo ní. "Irun rẹ̀ ti kọ́ ara wọn, kò lè tú mọ́. Ó dáa. Gbé súwẹ́tà yẹn wá. Tú òpin òwú ní ẹnu apá rẹ̀, kí o fà á."

Kò fẹ́ fà á. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé kò ní tú, ká wá mọ̀ dájú. Èmi náà ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Onígíláàsì ló fi abẹ́rẹ́ tú kókó tó wà ní ẹnu apá, ló sì fi òwú náà lé mi lọ́wọ́. "Màmá, ẹ̀yin ni kí ẹ fà á."

Mo fà á.

Ó tú. Ó sáré yí ẹnu apá náà po, ojú kan tẹ̀ lé èkejì, òwú náà ń jáde ní wérewère, ó lọ́ pọ̀ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dídì rẹ̀. Kò há níbì kankan. Mo jókòó sórí àga àbúrò mi. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo rò pé mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí ara tu èèyàn, mi ò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ yẹn.

"Omi gbóná," mo ní, "àmọ́ mi ò gbọ̀n ọ́n. Ooru nìkan kò tó. Ọwọ́ mi kò rà á."

Àbúrò mi ṣì di òwú tó ti tú mú. "Kí ló wá mú un kúrú?"

Mo wò ó. Mo ti mọ̀ nígbà náà, àmọ́ mo fẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ìgbà wo lo wọn àwọn aṣọ yìí, kí o tó kọ nọ́mbà sílẹ̀?"

Ó wo Onígíláàsì. Onígíláàsì wo bàtà rẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ̀rọ ìhunṣọ máa ń so irin wíwúwo mọ́ ìsàlẹ̀ aṣọ tó ń hun, kí ojú híhun lè máa wálẹ̀ dáadáa. Irin yẹn máa ń fa aṣọ gùn, ó sì máa ń jẹ́ kó tín-ín-rín. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ṣì wà nínú fífà yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ní òfin nílé iṣẹ́ wa: a gbọ́dọ̀ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ mọ́jú, kó gba ara rẹ̀ padà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé téèpù lé e. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ń kánjú, àbúrò mi náà sì ń kánjú.

"Orí ẹ̀rọ ni mo ti wọ̀n wọ́n," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. "Irin ṣì wà lára wọn. Mo ní kí Onígíláàsì má wulẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú."

"Mo sọ fún ọ̀gá," Onígíláàsì ní.

"Ó sọ fún mi," àbúrò mi ní.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dé inú omi, wọ́n kàn padà sí bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n rí. Ká ní omi tutù ni, wọ́n ì bá kúrú bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí ohun tí omi mi bàjẹ́.

Onígíláàsì ní ká rin wọ́n lómi, ká nà wọ́n gùn, ká fi píìnì dè wọ́n títí wọ́n á fi gbẹ. Mo ní rárá o. Wọ́n á gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí omi bá tún kàn wọ́n, wọ́n á kúrú padà, àwọn wọ̀nyí sì ń gbé lórí omi. Àbúrò mi ló wá rí ọ̀nà. Aṣọ tó lè tú, a lè hun ún kún un. A máa ń hun tiwa láti èjìká wá sísàlẹ̀, ẹnu apá àti ìsàlẹ̀ ara sì ni òpin wọn. A ó tú wọn dé ibi tó yẹ, a ó hun àfikún, a ó sì hun etí wọn padà. Fífẹ̀ tí àyà fẹ̀ kò burú, àwọn awakọ̀ máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì sábẹ́. Òwú ṣẹ́ kù dáadáa.

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ la lò, torí ọwọ́ kì í fa aṣọ bí irin ẹ̀rọ. Àwa mẹ́ta jókòó yí tábìlì ká láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Rírú. Lẹ́ẹ̀kan, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lé yín lọ." Mo ní, "O lé mi lọ. Èmi ni mi ò lọ." Onígíláàsì rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi bọ́ sórí òwú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Rírú, a ní láti fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, kí àfikún náà lè gba ara rẹ̀. Mo ṣí omi, mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Àbúrò mi wọlé, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó sì ń fún súwẹ́tà pọ̀ bí ẹni ń fọ ìnulẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́.

"Fi ọwọ́ sílẹ̀!"

"Báwo ló ṣe máa mọ́, tí èèyàn ò bá fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ àti omi ni yóò fọ̀ ọ́. Ìwọ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí o sì dúró."

Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó dúró. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ wa wà nínú omi kan náà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún un. Kò sí onísùúrù nínú ìdílé wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gbẹ dáadáa. Ó wọn ti àkọ́kọ́, ó pé. Ó wọn èkejì. Nígbà tó dé orí ẹ̀karùn-ún, mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá àwọn awakọ̀ dé nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ kanrí, ọkùnrin gbọọrọ kan tí ohùn rẹ̀ ga bíi pé ó ṣì wà lórí omi. Ó wọ tirẹ̀ lójú wa, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń fa okùn, ẹnu apá kò kúrò ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mí kanlẹ̀.

"Báwo ni a ó ṣe máa fọ̀ ọ́?" ó bi wá. "Ti tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi sè é bí ẹ̀wà. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ báyìí."

Àbúrò mi nawọ́ sí mi. "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi."

Mo sọ fún un: omi tútù, tàbí èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ kò ní mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Ọṣẹ pẹ̀lẹ́, kì í ṣe èyí tó ń ta ọwọ́. Kó ki aṣọ bọ omi lẹ́yìn tí omi bá ti dúró, kó tẹ̀ ẹ́, kó fi í sílẹ̀. Kó má rà á, kó má fún un. Kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde kó má bàa fà gùn, kó ká a sínú táwẹ̀lì, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, kó má fi í kọ́, kó má sì gbé e síwájú iná. "Bí ìyàwó yín bá sì ń bínú," mo ní, "kó má fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Màmá, èmi ni mo ń fọṣọ nílé wa."

"Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú."

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Onígíláàsì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ nu báàfù, mo sì ń retí pé àbúrò mi á wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ náà. Mo ti pinnu pé mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ yẹn," ó ní, "táwẹ̀lì la ó máa fọ̀ níbẹ̀."

Mi ò gbójú sókè. Mò ń nu ibi tí mo ti nù tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn nọ́ọ̀sì kan fẹ́ súwẹ́tà mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé."

"Ìgbà wo ni mo pẹ́ dé rí?" mo fi ìbínú dá a lóhùn. Mo dúró títí mo fi gbọ́ pé ó ti padà sídìí tábìlì rẹ̀, kí n tó fi etí aṣọ mi nu ojú.